Páànù tó fúyẹ́ ju bó ṣe yẹ: bí a ṣe ń kọ̀wé sí ẹni tó kó ọjà tó lábùkù wá

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 9 oṣù kẹwàá ọdún 2025, ni ọkọ̀ já páànù sí ibi tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ti ń kọ́ gbọ̀ngàn ní Iléṣà. Òjò ti ṣú, awakọ̀ sì fẹ́ padà sí Ifẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó na ìwé sí mi, mo tẹ́ ẹ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, mo buwọ́ lù ú. Ìgbà tí mo délé ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ka ohun tí mo buwọ́ lù: "A gba ọjà yìí pé pérépéré, kò sì lábùkù." Èmi akọ̀wé ẹgbẹ́ nìyẹn o, èmi tí mo máa ń kìlọ̀ fún àwọn ẹlòmíì.

Ní Sátidé àwọn káfíńtà bẹ̀rẹ̀ sí í kan páànù. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, bàbá tó jẹ́ ọ̀gá wọn pè mí wá síbẹ̀. "Akọ̀wé, ẹ wá fọwọ́ kan nǹkan yìí." Ó fi àtàǹpàkò tẹ etí páànù kan, ó tẹ̀ bíi páálí. Ó ní páànù tó nípọn tó 0.55 mìlímítà, irú èyí tí a rà, tí òun ti ń kàn láti ọjọ́ pípẹ́, kì í tẹ̀ báyẹn. Mo ní kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lórí òrùlé lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ti kan súkúẹ̀ mítà 60 nínú 400 tí a rà.

Ìwé tí a kọ sí oníṣòwò tó ta páànù náà fún wa lọ́jọ́ kejì ni mo fẹ́ ṣàlàyé. Ìwé ìfitónilétí ni, kì í ṣe ìwé ẹjọ́, kì í sì í ṣe lẹ́tà ẹ̀bẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó sọ fún ẹni tó tajà pé ọjà rẹ̀ kò bá àdéhùn mu, kó tọ́ka sí ibi tí àdéhùn ti sọ ọ́, kó sì sọ ohun tí a fẹ́ kó ṣe àti ọjọ́ tí a fẹ́ kó ṣe é. Bí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù lẹ́yìn ọ̀la, ìwé yìí ni adájọ́ yóò kọ́kọ́ béèrè.

Kí á tó kọ ohunkóhun, a ní láti mọ bí àbùkù náà ṣe tó. Ọwọ́ bàbá káfíńtà mọ páànù dáadáa, ṣùgbọ́n kò sí bí a ṣe lè kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé "ó ń tẹ̀ bíi páálí". A yá maikirómítà lọ́wọ́ ọ̀gá kan tó ń ṣiṣẹ́ léèdì. A mú páànù mẹ́wàá láti inú ìdì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kì í ṣe mẹ́wàá tó wà lókè nìkan, nítorí pé ẹni tó bá fẹ́ jiyàn yóò ní ìdì kan ṣoṣo ló ní wàhálà. A nu iyanrìn kúrò lára wọn, a sì wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan níbi mẹ́ta tó tẹ́jú, tó jìnnà sí etí, torí pé ibi tí ọ̀bẹ gé máa ń wú tàbí kó tẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Èyí tó nípọn jù nínú ọgbọ̀n ìwọ̀n náà jẹ́ 0.46 mìlímítà, èyí tó tín-ínrín jù jẹ́ 0.44. Ọ̀dà ara páànù sì wà nínú ìwọ̀n yẹn. Tí a bá ha ọ̀dà kúrò, irin alumíníọ̀mù fúnra rẹ̀ á tún dín sí i. Bàbá káfíńtà àti ọ̀gá léèdì buwọ́ lu ìwé tí a kọ àwọn ìwọ̀n náà sí, a kọ ọjọ́ àti aago síbẹ̀, a sì ya fọ́tò maikirómítà lórí páànù kọ̀ọ̀kan lọ́nà tí nọ́ńbà á fi hàn ketekete.

Lẹ́yìn èyí ni mo gbé ìwé àdéhùn síwájú. A ní ìwé àdéhùn gidi, ojú ewé méjì, tí ọjọ́ rẹ̀ jẹ́ 22 oṣù kẹsàn-án. Ẹsẹ mẹ́rin ni ọ̀rọ̀ wa rọ̀ mọ́. Ẹsẹ kẹta ní páànù náà gbọ́dọ̀ nípọn tó 0.55 mìlímítà, kò sì gbọdọ̀ fi ju 0.02 lọ dín. Ẹsẹ karùn-ún ní ká san ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún owó sílẹ̀, ká sì san ìyókù láàárín ọjọ́ 14 tí ọjà bá dé. Ẹsẹ kẹfà ní tí àbùkù bá wà, kí ẹni tó rajà fi ìwé sọ ọ́ láàárín ọjọ́ 7. Ẹsẹ keje ló sọ àtúnṣe: ẹni tó tajà yóò fi páànù tó tọ́ pààrọ̀ èyíkéyìí tí kò bá tó ìwọ̀n láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 10, òun ni yóò sì san owó ọkọ̀. Bí kò bá pààrọ̀ rẹ̀, yóò dá owó rẹ̀ padà.

Ẹ wo ẹsẹ kẹfà yẹn dáadáa, torí òun ló máa ń pa ẹjọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ọjọ́ 7 láti ọjọ́ 9 yóò parí ní ọjọ́ 16. Ọjọ́ 13 ni a rí àbùkù. Ká ní a fi ọjọ́ mẹ́ta pe oníṣòwò lórí fóònù, kó máa sọ pé òun ń bọ̀, òun ń bọ̀, ọjọ́ á ti kọjá, a ó sì máa jiyàn lórí bóyá ìpè fóònù jẹ́ ìwé. Kò sí ohun tó burú nínú pípè, mo pè é náà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 14, ni lẹ́tà kúrò lọ́wọ́ mi.

Inú bí Bàbá Alága. Ọmọ òṣómàálò ni wọ́n, baba wọn wà lára àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn kiri ìlú onílùú, tí wọ́n á wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè pé àwọn kò dìde àfi táwọn bá gba owó àwọn. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ dá lábàá nìyẹn: ká wọ ọkọ̀ lọ sí Ifẹ̀, ká lọ lóṣòó sí ìsọ̀ ọkùnrin náà. Mo ní, "Bàbá, àwa la ṣì jẹ ẹ́ ní ₦1,032,000 o. Òun ló yẹ kó wá lóṣòó tì wá." Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n kọ lẹ́tà tiwọn fún mi. Ó sọ pé ọkùnrin náà jalè, pé Ọlọ́run yóò dá a fún un, pé kó dá gbogbo owó wa padà kíákíá. Kò sí nọ́ńbà kan nínú rẹ̀, kò sí ẹsẹ àdéhùn, kò sì sí ọjọ́. Pípe ènìyàn lólè nínú ìwé tí ẹlòmíì lè kà tún lè sọ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ di ẹni tí wọ́n ń pè lẹ́jọ́ nítorí orúkọ tó bà jẹ́. Mo rọra fi lẹ́tà náà sínú fáìlì.

Ohun tó ń rú ènìyàn lójú jù wà nínú "kó dá gbogbo owó wa padà" yẹn. Òfin ọjà títà tí à ń lò lápá ọ̀dọ̀ wa níbí wá láti inú èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe lọ́dún 1893. Abala 13 nínú òfin yẹn ní bí wọ́n bá fi àpèjúwe ta ọjà, bíi ká ní "páànù 0.55", ọjà náà gbọ́dọ̀ bá àpèjúwe náà mu. Bí kò bá bá a mu, ẹni tó rà á lè kọ̀ ọ́, kó sì gba owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ láti kọ ọjà kì í dúró títí. Abala 35 ní ọ̀nà mẹ́ta ló wà tí a fi ń ka ènìyàn sí ẹni tó ti gba ọjà: kó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun gbà á, kó fi ọjà náà ṣe ohun tí ẹni tó ni nǹkan nìkan ló lè ṣe, tàbí kó dákẹ́ títí àkókò tó yẹ yóò fi kọjá. Lẹ́yìn tí ènìyàn bá ti gba ọjà, kò lè kọ̀ ọ́ mọ́. Ohun tó kù fún un ni owó gbà-máà-bínú, tàbí kí wọ́n yọ díẹ̀ kúrò nínú iye owó ọjà.

Ẹ wá wo àwa. Èmi ti buwọ́ lùwé pé kò lábùkù. Ìyẹn kò burú tó bó ṣe jọ, torí pé abala 34 ní a kò lè ka ẹni tí kò tíì ráyè yẹ ọjà wò sí ẹni tó ti gbà á, àti pé kò sí ẹni tó lè fi ojú lásán rí ìyàtọ̀ 0.55 sí 0.45 lórí ọkọ̀ nínú òjò. Súkúẹ̀ mítà 60 tí a ti fi ìṣó kàn mọ́ igi ló le. A ti gé wọn, a ti lu wọ́n, kò sí bí a ṣe lè dá wọn padà bí wọ́n ṣe wá. Òfin 1893 náà sì tún sọ pé bí àdéhùn bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo tí a kò pín sí wẹ́wẹ́, ẹni tó bá ti gba apá kan nínú ọjà kò lè kọ ìyókù mọ́. Ká ní òfin yẹn nìkan la ní, wọn ì bá sọ fún wa pé nígbà tí a ti kan 60, a ti gba 400.

Ohun tó yọ wá ni ọ̀rọ̀ kan nínú ẹsẹ keje: "èyíkéyìí". Páànù èyíkéyìí tí kò bá tó ìwọ̀n ni oníṣòwò yóò pààrọ̀, ìyẹn ni pé àdéhùn fúnra rẹ̀ ti ya páànù kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀. Nítorí náà ni mo ṣe gbé lẹ́tà wa lé ẹsẹ keje, tí mo sì fi òfin ṣe àtìlẹ́yìn. Ẹsẹ keje kan náà ni kò jẹ́ ká lè béèrè owó lójú ẹsẹ̀. Ó ní kó kọ́kọ́ pààrọ̀. Bí kò bá pààrọ̀ ni owó tó kàn. Ẹni tó bá fo ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ti fún oníṣòwò ní àwíjàre pé òun ṣe tán láti pààrọ̀, àwọn ni wọn kò gbà.

Ó kan ìṣirò. Iye tí a rà á ni ₦8,600 fún súkúẹ̀ mítà kan, 400 jẹ́ ₦3,440,000. A ti san ₦2,408,000, ó ku ₦1,032,000. Irú páànù 0.45 kan náà, ₦7,000 ni oníṣòwò yẹn ń tà á fún súkúẹ̀ mítà nínú ìwé iye owó tí òun fúnra rẹ̀ fún wa. Ìyàtọ̀ jẹ́ ₦1,600. Lórí 60 tí a ti kàn, ìyàtọ̀ náà jẹ́ ₦96,000. Ohun tí a fẹ́ nìyí: kó pààrọ̀ 340, kó yọ ₦96,000 kúrò nínú ìyókù owó, kó wá ku ₦936,000 tí a ó san.

Bí kò bá pààrọ̀ ńkọ́? Ibí ni mo ti rí ọ̀pọ̀ lẹ́tà tó ṣubú. Wọ́n á kọ ọ́ pé kí oníṣòwò dá ₦2,924,000 padà, èyí tó jẹ́ iye owó 340, láìrántí pé àwọn kò tíì san gbogbo owó. Èyí tó tọ́ ni ká mú iye tí a ti san, ₦2,408,000, ká yọ iye tí 60 tí a dá dúró tó, ìyẹn ₦420,000, kúrò nínú rẹ̀. Ó ku ₦1,988,000. Lẹ́tà tó bá béèrè ohun tó ju ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ ní ìlà kan máa ń mú kí ẹni tó kà á ṣiyèméjì sí ìlà tó kù.

Ọ̀rọ̀ ìyókù owó náà ṣe kókó. Ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá ni ẹsẹ karùn-ún ní ká san án. Ká ní a kàn dákẹ́ tí a kò san, àwa la ó di ẹni tó da àdéhùn. Lẹ́tà gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ní kedere pé a dá owó náà dúró nítorí àbùkù, kí ó sì sọ ọjọ́ tí a ó san án.

Ohun tó wà nínú lẹ́tà náà nìyí, lẹ́yìn àdírẹ́sì àti ọjọ́:

"Ìfitónilétí nípa ọjà tó lábùkù: àdéhùn ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, súkúẹ̀ mítà 400 páànù alumíníọ̀mù.

"Ẹ kó páànù yìí dé ọ̀dọ̀ wa ní ọjọ́ 9 oṣù kẹwàá. Ẹsẹ kẹta àdéhùn ní kí ó nípọn tó 0.55 mìlímítà, kí ó má fi ju 0.02 lọ dín. Ní ọjọ́ 13 a wọn páànù mẹ́wàá níbi mẹ́ta mẹ́ta. Ìwọ̀n wọn wà láàárín 0.44 sí 0.46. Ẹ̀dà ìwé ìwọ̀n àti fọ́tò wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí.

"A fi ìwé yìí sọ fún yín gẹ́gẹ́ bí ẹsẹ kẹfà ṣe wí, a sì kọ súkúẹ̀ mítà 340 tí a kò tíì kàn. Wọ́n wà lábẹ́ tapólì nínú ọgbà wa, wọ́n ṣe é kó nígbàkígbà láàárín aago 8 àárọ̀ sí 5 ìrọ̀lẹ́. Súkúẹ̀ mítà 60 ti wà lórí òrùlé kí a tó rí àbùkù; a ó dá wọn dúró, ṣùgbọ́n a ó yọ ₦96,000 kúrò nínú owó wọn.

"Gẹ́gẹ́ bí ẹsẹ keje, a fẹ́ kí ẹ fi páànù tó tọ́ pààrọ̀ 340 náà, lówó ọkọ̀ tiyín, ó pẹ́ jù ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá. A dá ₦1,032,000 tó kù dúró. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta tí páànù tó tọ́ bá dé, tí a sì wọ̀n ọ́n, a ó san ₦936,000. Bí ẹ kò bá pààrọ̀ rẹ̀ títí di ọjọ́ 28, ẹ ó dá ₦1,988,000 padà fún wa ó pẹ́ jù ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá.

"Bí ẹ bá fẹ́ wọn páànù náà fúnra yín, ẹ wá ní ọjọ́ 17 ní aago 10 àárọ̀. A ó wọ̀n ọ́n pa pọ̀."

Kò ju ojú ewé kan lọ. Ẹ ó rí i pé kò sí ibi tí a ti ní kó kọ́kọ́ san owó ọkọ̀ kí a tó jẹ́ kó kó páànù rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a kò ní a ó dá a padà fúnra wa. Abala 36 ní ẹni tó kọ ọjà kò ní láti gbé e padà lọ. Ó tó kó sọ fún oníṣòwò pé òun kọ̀ ọ́. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀ dáadáa, ìdí nìyẹn tí mo fi dárúkọ tapólì. Mo rí ẹnì kan rí tó kọ bùlọ́ọ̀kù, tó wá ń yọ ọ́ lò díẹ̀díẹ̀ nítorí pé oníṣòwò kò tètè wá kó o. Bó ṣe gba ọjà tó ti kọ̀ nìyẹn.

Ohun kan tún wà tí àwọn ènìyàn máa ń kọ sórí irú lẹ́tà báyìí torí pé wọ́n rí i lórí lẹ́tà lọ́yà: pé ohun tó wà nínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ pa ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni lára. Lẹ́tà tí a fi ń dúnàádúrà ìparí ìjà ni ọ̀rọ̀ yẹn wà fún, kí ẹnikẹ́ni má bàa gbé e lọ sí kóòtù láti fi sọ pé ẹni yìí ti gbà pé òun jẹ̀bi. Ìwé ìfitónilétí ni ìwé tí o fẹ́ gbé lọ sí kóòtù. Má kọ ọ́ sórí rẹ̀.

Mo fi ẹ̀dà méjì rán ọmọkùnrin kan sí Ifẹ̀, ọmọbìnrin tó wà ní ìsọ̀ buwọ́ lu ẹ̀dà kejì, ó kọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́ àti aago síbẹ̀. Mo tún fi fọ́tò lẹ́tà náà ránṣẹ́ lórí Wáàsáàpù sí nọ́ńbà tó wà nínú àdéhùn. Láàárín wákàtí kan ọkùnrin náà dáhùn: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ẹ̀yìn rìsíìtì yín. Ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà."

Ó wà lẹ́yìn rìsíìtì lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án ni a ṣe àdéhùn, rìsíìtì sì dé lẹ́yìn tí a ti sanwó. Ohun tí ẹnì kan bá fi kún ọ̀rọ̀ lẹ́yìn tí àdéhùn ti parí kò lè yí i padà, pàápàá nígbà tí ẹsẹ keje sọ òdì kejì rẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, òfin ìjọba àpapọ̀ ọdún 2018 lórí ìdíje àti ààbò oníbàárà fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tó dára, tí kò lábùkù. Gbọ̀ngàn tiwa la fẹ́ fi páànù náà bò, a kò fẹ́ tún un tà, nítorí náà oníbàárà ni wá lójú òfin yẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ènìyàn o. Ẹni tó ra ìyẹ̀fun láti fi ṣe búrẹ́dì tà, tàbí tó ra páànù láti tún un tà ní ọjà Àtàkúmọ̀sà, kì í ṣe oníbàárà níbẹ̀. Àdéhùn rẹ̀ àti òfin ọjà títà nìkan ló ní, èyí ló mú kí ìwé àdéhùn rẹ̀ ṣe pàtàkì ju tiwa lọ.

Mo dá a lóhùn ní ìlà méjì: ẹsẹ keje, àti ọjọ́ 17 ní aago 10.

Ó dé ní aago 11 pẹ̀lú maikirómítà tirẹ̀. Àríyànjiyàn rẹ̀ ni pé 0.45 yìí ni gbogbo ọjà ń pè ní 0.55, pé orúkọ lásán ni. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́ lọ́dọ̀ àwọn kan. Bàbá Alága ṣí ìwé àdéhùn síwájú rẹ̀, wọ́n fi ìka lé ibi tí 0.02 wà, wọn kò sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá kọ ìdá mìlímítà tí páànù lè fi dín sínú àdéhùn kò lè sọ pé orúkọ lásán lòún ń pè. A wọn páànù mẹ́rin pẹ̀lú irin tirẹ̀: 0.45, 0.45, 0.44, 0.46. Ó buwọ́ lu ìwé ìwọ̀n náà.

Ọjọ́ 27 ni páànù tuntun dé. Awakọ̀ kan náà ni, ó sì tún na ìwé sí mi lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo fi bírò fa ìlà gba orí "kò sì lábùkù", mo kọ sábẹ́ rẹ̀ pé "a kò tíì wọ̀n ọ́n", mo wá buwọ́ lù ú.